Kíkọ `gift` sára ẹrù kọ́ ló ń mú un tètè kọjá ní bodè

Láàárín àwọn tó ń ta aṣọ àdìrẹ lórí ayélujára fún oníbàárà tó wà ní òkè òkun, ìmọ̀ràn kan wà tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: má kọ̀rọ̀ púpọ̀ sára ẹrù. Kọ `gift`, tàbí kó o kàn kọ `clothes`, kí àwọn aṣọ́bodè má baà rí nǹkan kan dì mú. Ìmọ̀ràn náà gbilẹ̀ débi pé àwọn kan tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọlọ́jà fúnra wọn máa ń dá a lábàá. Kì í ṣe òótọ́. Ẹrù tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe kedere lórí ìwé ni wọ́n máa ń dá dúró, torí aṣọ́bodè tí kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò lè mọ iye owó bodè tó kàn án, kò sì lè mọ̀ bóyá òfin gbà kó wọlé.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Nígbà tó jẹ́ pé ìwé pélébé tí wọ́n ń pè ní CN22 ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù ilé ìfìwéránṣẹ́, ó dìgbà tí ẹrù bá dé kí ẹnikẹ́ni tó kà á, díẹ̀ nínú wọn náà ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ kì í san owó bodè rárá, torí náà kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí irú òwú tí wọ́n fi ṣe aṣọ. Ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n kọ `gift` sí kọjá láìsí wàhálà, ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ sì rò pé ọ̀rọ̀ tí òun kọ ló ṣiṣẹ́.

Nǹkan ti yí padà. Láti 29 Oṣù Kẹjọ 2025 ni Amẹ́ríkà ti dá àǹfààní dọ́là 800 yẹn dúró fún ẹrù láti orílẹ̀-èdè gbogbo. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ètò kan tó ń jẹ́ ICS2 ti kan gbogbo ẹrù inú bàlúù láti 1 Oṣù Kẹta 2023. Ohun tó ń béèrè ni pé kí àlàyé ẹrù ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó gbé ẹrù sínú bàlúù, títí kan nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi ń dá irú ọjà mọ̀. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń kà á. Bó bá bá ọ̀rọ̀ bíi `general cargo` tàbí `parts` pàdé, ó lè ní kí wọ́n fi àlàyé sí i ránṣẹ́, ó sì lè ní kí wọ́n má gbé ẹrù náà rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi lè jókòó sí Èkó fún ọjọ́ púpọ̀, tí ọlọ́jà á sì máa sọ fún oníbàárà pé àwọn aṣọ́bodè Yúróòpù ló dì í mú, nígbà tí ẹrù kò tíì fi ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀.

Ní ti `gift` gan-an, Ìlú Ọba ti sọ ohun tó túmọ̀ sí lójú òfin wọn: ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn fún ọjọ́ ìbí tàbí irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, fún lílò ara rẹ̀. Ohun tí ilé ìtajà fi ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bùn tòótọ́ pàápàá, tí owó rẹ̀ bá ti kọjá pọ́n-ùn 39, máa san owó orí VAT. Ẹni tó kọ `gift` sára ọjà tó tà kò rí àǹfààní gidi kan gbà; irọ́ ló kọ sínú ìwé ìjọba, orúkọ oníbàárà ló sì wà níwájú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù wọlé.

Nọ́ńbà mẹ́fà tí mo mẹ́nu bà yẹn ni wọ́n ń pè ní HS. Àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé tó fìdí kalẹ̀ sí Brussels ló ni ín, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1988. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí orí ìwé tí ọjà náà wà: orí 62 jẹ́ ti aṣọ wíwọ̀ tí wọ́n hun, orí 61 jẹ́ ti èyí tí wọ́n kọ́ bíi súwẹ́tà. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ló ń sọ irú aṣọ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mẹ́fà yìí dọ́gba káàkiri àgbáyé. Ohun tó bá wá lẹ́yìn wọn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fi kún un fúnra rẹ̀, torí náà má ṣe mú nọ́ńbà mẹ́wàá tó wà lórí ìwé Nàìjíríà kí o fi kún fọ́ọ̀mù Ìlú Ọba. Mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ló máa bára mu.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹrù kan wò. Ìyá oníṣòwò kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, fẹ́ fi búbù àdìrẹ méjì àti àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún tí wọn kò tíì rán ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Houston. Lórí ojú ìwé tó ti ń tà á, orúkọ tó fún búbù náà ni "Búbù Sílíkì Olorì". Orúkọ tó dùn gbọ́ ni, ó sì dára fún títà. Àmọ́ bí kò bá kọ nǹkan mìíràn, orúkọ yẹn náà ló lè bọ́ sórí fọ́ọ̀mù aṣọ́bodè, wọ́n á sì rò pé sílíkì tòótọ́ ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá wọ́n hun aṣọ náà ni àbí wọ́n kọ́ ọ. Fà á díẹ̀, kó o wo etí rẹ̀ dáadáa. Èyí tí òwú ìbú àti òwú òró gba inú ara wọn kọjá jẹ́ híhun. Èyí tí òwú rẹ̀ so mọ́ ara wọn ní ìkọ́-ìkọ́, tó sì ń nà bíi singiléẹ̀tì, jẹ́ ti orí 61. Búbù yìí jẹ́ híhun, kaba obìnrin sì ni, torí náà ó bọ́ sí 6204.4. Nọ́ńbà tó kù ló gba ọgbọ́n, nítorí ohun tí wọ́n fi hun aṣọ ló ń pinnu rẹ̀: òwú lásán, ìyẹn `cotton`, jẹ́ 6204.42, pọliẹ́sítà jẹ́ 6204.43, réyọ́ọ̀nù jẹ́ 6204.44. Bí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀, èyí tó wọ̀n jù nínú wọn lo máa tẹ̀ lé.

Ọ̀pọ̀ aṣọ tí a ń pè ní sílíkì lọ́jà jẹ́ pọliẹ́sítà. Láti mọ̀, fa òwú díẹ̀ láti inú ojú rírán aṣọ náà, fi ohun ìfàyọ irun dì í mú, kí o sì ṣáná sí i. Òwú tòótọ́ máa jó bí bébà, á rùn bí bébà tó jóná, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Pọliẹ́sítà máa sá kúrò níbi iná, á yọ́, ohun tó kù á sì dì bíi kóró dúdú tó le. Àmọ́ àyẹ̀wò yìí kò lè ya òwú sọ́tọ̀ kúrò lára réyọ́ọ̀nù, torí àwọn méjèèjì máa ń jó bákan náà. Fún wọn, fi omi rin fọ́nrán kan kí o fà á. Réyọ́ọ̀nù tó tutù máa ń tètè já, òwú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣe ọ́ ní iyèméjì, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta aṣọ náà fún ọ kí o tó kọ ohunkóhun.

Ìyàtọ̀ yìí kan owó. Owó bodè gbogbogbòò ní Amẹ́ríkà lórí kaba òwú híhun jẹ́ 8.4%, lórí ti pọliẹ́sítà ó jẹ́ 16%, yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba bá tún gbé lé e. Mo sọ ìyẹn torí pé àwọn kan máa ń mú nọ́ńbà tí owó rẹ̀ kéré jù láìwo aṣọ. Bí àpò bá ṣí lọ́hùn-ún tí wọ́n rí pé pọliẹ́sítà ni, oníbàárà ló máa san owó tó kù pẹ̀lú ìtanràn, ẹrù náà á sì ti pẹ́.

Aṣọ ọ̀pá márùn-ún kò sí ní orí 62, torí kò tíì di ohun wíwọ̀. Bó bá jẹ́ òwú lásán, orí 52 ló wà, ìwọ̀n rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Gé igun kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ta góòlù ń lò, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bó bá jẹ́ gíráàmù 1.2, aṣọ náà jẹ́ gíráàmù 120 ní mítà kan níbùú-lóòró. Ní ti títẹ̀ àti rírẹ, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ìwé HS ka aṣọ tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sí aṣọ títẹ̀, kì í ṣe aṣọ rírẹ. Àdìrẹ alábẹ́là òwú lásán, tí ìhun rẹ̀ jẹ́ kíkọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wọ̀n ju gíráàmù 100 lọ ṣùgbọ́n tí kò ju 200 lọ, jẹ́ 5208.52.

Orúkọ tó fi ń tà á kò ní láti yí padà. Àwọn ibi ìtajà bíi Shopify ní ibì kan lábẹ́ ọjà tí wọ́n kọ `Harmonized System (HS) code` àti `Country/Region of origin` sí. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ń gbé. Àpèjúwe tó bá bọ́ sórí fọ́ọ̀mù yẹ kó sọ irú ohun tó jẹ́, ẹni tó wà fún, bí wọ́n ṣe ṣe é àti ohun tí wọ́n fi ṣe é, kó sì jẹ́ ìlà kan fún ọjà kan:

```
Women's dress, woven, 100% cotton    6204.42   2 pcs
Batik fabric, woven, 100% cotton     5208.52   5 yd
```

Àìpín wọn sí ìlà méjì ni mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ `dresses`, aṣọ́bodè á ṣí i, á rí aṣọ tí wọn kò rán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun mìíràn tó lè wà níbẹ̀.

Tí o kò bá dá ara rẹ lójú, Amẹ́ríkà ní àkójọ ìdáhùn tí wọ́n ti fún àwọn ọlọ́jà tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ní `rulings.cbp.gov`. Tẹ orúkọ aṣọ rẹ síbẹ̀, kí o ka bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ irú rẹ̀. Èmi gbà á gbọ́ ju nọ́ńbà tí olókòwò ẹgbẹ́ ẹni ń lò lọ, torí aṣọ tirẹ̀ lè jẹ́ réyọ́ọ̀nù kí tìrẹ jẹ́ òwú.

Nọ́ńbà tó tọ́ kì í sọ pé wọn ò ní yẹ ẹrù wò. Wọ́n máa ń mú àwọn kan láìṣẹ̀, kò sì sí àpèjúwe tó lè dí ìyẹn lọ́wọ́. Ohun tí o lè mọ̀ ni irú ìdádúró tó jẹ́. Bí ímeèlì tó wá bá ń béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe aṣọ náà tàbí ìwé owó tó fi tà á, àpèjúwe ni kò kún tó. Dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú ìlà méjì tó wà lókè yìí, iye owó tí oníbàárà san gan-an, àti àwòrán àmì inú ọrùn aṣọ tó sọ ohun tí wọ́n fi hun ún. Bí kò bá sí àmì kankan lọ́rùn búbù rẹ, ran ọ̀kan sí i kí o tó fi ẹrù tó kàn ránṣẹ́, nítorí Amẹ́ríkà ní kí aṣọ tó ń wọlé fún títà ní àmì tó sọ òwú rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tó ti wá.