Kọ́ńtíráàtì ní oṣù kan, ìwé ìlànà ní oṣù mẹ́ta: èwo la máa tẹ̀lé?

Àbúrò mi kan fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ míì, wọ́n sì ti dájọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un. Lẹ́tà tó sáìnì lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ sọ pé nótíìsì oṣù kan ni, ì báà jẹ́ òun ló fẹ́ lọ, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ ló fẹ́ kó máa lọ. Ó kọ lẹ́tà, ó fún wọn lóṣù kan gbáko. Ọjọ́ kejì ni íméèlì wọlé, wọ́n ní kó lọ wo ojú ìwé 31 nínú ìwé ìlànà òṣìṣẹ́, pé oṣù mẹ́ta ni nótíìsì, àti pé tí ò bá pé oṣù mẹ́ta àwọn máa yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Ló bá pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló lágbára nínú méjèèjì?"

Kọ́ńtíráàtì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ìdí ẹ̀, torí ìdí yẹn lẹ máa lò tí tiyín bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àbúrò mi.

Kọ́ńtíráàtì, èèyàn méjì ló ni ín. Ilé iṣẹ́ sáìnì, ìwọ náà sáìnì, kò sí èyí tó lè dá yí i padà nínú yín. Ìwé ìlànà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní hándíbúùkù, ilé iṣẹ́ nìkan ló kọ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ aago tí wọ́n ń wọṣẹ́ sí, bí wọ́n ṣe ń tọrọ lífù, irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, báwọn ṣe ń báni wí kí wọ́n tó léni lọ. Tó bá wù wọ́n lọ́la wọ́n á yí i, wọ́n á fi íméèlì ránṣẹ́, ó parí. Ohun téèyàn méjì jọ fẹnu kò lé lórí, ẹnì kan ò lè fi ìwé tó dá kọ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ fagi lé e.

Mo ní kó ya fọ́tò kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mò ń wá ò ju gbólóhùn kan lọ, ìyẹn ohun tí kọ́ńtíráàtì fúnra rẹ̀ sọ nípa ìwé ìlànà. Tó bá sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ìlànà ilé iṣẹ́, ìyẹn ò wúwo púpọ̀, ohun tó ń sọ ò ju pé kó o máa ṣe bí wọ́n bá ṣe ní kó o ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ pé ìwé ìlànà jẹ́ ara àdéhùn yìí, wọ́n ti gbé gbogbo ìwé yẹn wọnú kọ́ńtíráàtì nìyẹn, ìjà sì lè wá le. Ohun tó máa ń kó wa yọ níbẹ̀ ni gbólóhùn míì tó sábà máa ń wà nítòsí ẹ̀, ó wà ní abala 14 nínú ti àbúrò mi: tí méjèèjì bá tako ara wọn, àdéhùn yìí ni ká tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ sódì o, tí wọ́n ní ìwé ìlànà tó bá dé kẹ́yìn ló lékè, kò wọ́pọ̀ àmọ́ ó wà, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sáìnì.

Lẹ́yìn náà mo ní kó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìlànà. Bí mo ṣe rò ló rí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ìwé yìí kì í ṣe kọ́ńtíráàtì, pé àwọn lè yí i padà nígbà tó bá wu àwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ò ṣàdédé máa kọ ìyẹn. Lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Woolley àti ilé iṣẹ́ Hoffmann-La Roche, wọ́n ní ìlérí tó wà nínú ìwé ìlànà lè de ilé iṣẹ́, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ kedere síbi tójú ti máa rí i pé kì í ṣe àdéhùn. Wọ́n ń fi gbólóhùn yẹn dáàbò bo ara wọn. Àmọ́ ẹni tó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ìwé yìí kì í ṣe àdéhùn, báwo ló ṣe tún máa wá fi ojú ìwé 31 ẹ̀ gba oṣù méjì lọ́wọ́ ẹlòmíì?

Mo wá bi í bóyá ó sáìnì nǹkan kan nígbà tí wọ́n fún un níwèé ìlànà. Ibí gan-an lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀. Tí fọ́ọ̀mù bá sọ pé "mo ti gba ìwé yìí, mo sì ti kà á", rìsíìtì lásán ni. Tó bá wá sọ pé "mo gbà kí ohun tó wà níbí rọ́pò àdéhùn tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀", a jẹ́ pé ìwọ náà ti fọwọ́ sí ìyípadà, ilé iṣẹ́ sì lè gbé e síwájú adájọ́. Àwọn kọ́ọ̀tù kan máa ń béèrè ohun tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ nítorí ìyípadà yẹn, àwọn míì ò ní béèrè. Ti àbúrò mi, "mo ti rí i" ló tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó tún wá rí i pé déètì tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà fi ọdún méjì gbẹ̀yìn ọjọ́ tó sáìnì kọ́ńtíráàtì, nígbà tó sì wo èyí tí wọ́n fún un nígbà tó wọlé, kò sí oṣù mẹ́ta kankan níbẹ̀. Ẹ máa tọ́jú ti àtijọ́ o, tí tuntun bá dé wọ́n sábà máa ń yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìwé ìlànà ń gbè sẹ́yìn ọ̀gá ṣá. Tí kọ́ńtíráàtì ò bá sọ nǹkan kan nípa owó tí wọ́n máa fún ẹni tí wọ́n bá dá dúró torí pé wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù, tí ìwé ìlànà sì sọ ọ́, àtakò ò sí níbẹ̀, ọ̀kan ń pé èkejì ni. Ẹjọ́ Keeley àti Fosroc nílẹ̀ England lọ́dún 2006 fi í hàn: ìwé iṣẹ́ Keeley gbé ìwé ìlànà wọlé, ìwé ìlànà sì sọ pé òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì ní ẹ̀tọ́ sí owó tó ju ti òfin lọ tí wọ́n bá dá a dúró nítorí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ò san. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlérí tó dè wọ́n ni. Ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀tọ́" wà lára ohun tó gbà á là. Ká ní "a lè fún yín" ni wọ́n kọ ni, ọwọ́ ọ̀gá ni ì bá wà.

Òfin ìlú wà lórí méjèèjì, ohun tó kéré jù tí òfin bá ti là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kọ́ńtíráàtì ò lè já a sílẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ìwé ìlànà. Yíyọ owó oṣù èèyàn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fòfin dè, torí ẹ̀ ni íméèlì tí wọ́n kọ yẹn ò fi bà mí lẹ́rù.

Èsì tí àbúrò mi kọ ò ju ìlà mẹ́rin lọ, ìbínú kankan ò sí nínú ẹ̀: abala nótíìsì, abala 14, ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìlànà, àti ọjọ́ tó máa ṣíṣẹ́ kẹ́yìn. Ó fi fọ́tò gbogbo wọn há a. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní kó rí i pé ó dá kọ̀ǹpútà àti káàdì ìwọlé padà kọ́jọ́ yẹn tó pé. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba oṣù mẹ́ta mọ́.