Wàrà ojú àlá àti àǹjọ̀nú ẹlẹ́tàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lá àlá pé mo wà ní Ọjà Ọba, mo ń ra wàrà. Mo rí omi rẹ̀ tó ń yọ́ sílẹ̀ nínú igbá, ooru rẹ̀ gba inú ọ̀rá kàn mí lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ ń bínú pé ṣéńjì mi kò pé. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà ni mo tají ní Tanke, ọwọ́ mi ṣófo.

Fìlọ́sọ́fì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, irú àlá yìí ni mo sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni pé wọ́n rò pé oníyèméjì, ìyẹn ẹni tó ń bi wá bóyá a mọ ohun tí a ní a mọ̀, ń sọ pé wọ́n ń sùn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé, bí wàrà ojú àlá bá gbóná lọ́wọ́ bí ti ojú ayé, àmì wo lo fi mọ̀ pé èyí tí o dì mú báyìí kì í ṣe ti ojú àlá? Bí o kò bá rí àmì kankan, báwo lo ṣe lè ní o mọ̀?

Àbúrò mi kan tó ń hun aṣọ òfì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ já ara yín léèékánná." Mo ní mo ti já ara mi léèékánná lójú àlá rí, ó sì dùn mí. Àyẹ̀wò yòówù kéèyàn ṣe, èèyàn lè lá a lálàá pé òun ṣe é.

René Descartes, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Faransé, gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1641: ó ń lá àlá pé òun wọṣọ jókòó nídìí iná, nígbà tó jẹ́ pé orí ibùsùn ló wà níhòòhò. Ṣùgbọ́n ó rí i pé àlá kò lágbára lórí ohun gbogbo. Wàrà méjì pẹ̀lú wàrà mẹ́ta, márùn-ún ni, mo sùn o, mo jí o.

Ohun tó mú un wá àǹjọ̀nú wá nìyẹn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní Èṣù, Èṣù kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí.) Ká ní ẹ̀mí kan wà tó lágbára gidigidi, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tàn ọ́ jẹ lọ: nígbàkígbà tí o bá ro méjì mọ́ mẹ́ta, òun ló ń mú kó dà bíi márùn-ún lójú rẹ. Àlá ba ẹ̀rí ojú jẹ́. Àǹjọ̀nú tún wọ inú ìṣirò.

Àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì kan tí à ń pè ní onípìlẹ̀ sọ pé ìmọ̀ dà bí ilé. Ìgbàgbọ́ kan gun orí òmíràn títí a ó fi kan èyí tí kò sinmi lé nǹkan kan mọ́. Ìpìlẹ̀ tí Descartes rí nìyí: bí àǹjọ̀nú bá tilẹ̀ ń tàn mí jẹ, èmi tí àǹjọ̀nú ń tàn jẹ gbọ́dọ̀ wà. Àti pé, wàrà lè má sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé ó dà bí ẹni pé mo rí wàrà, ìyẹn kò ṣe é jiyàn. Ìpìlẹ̀ yìí le koko. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó kéré. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ti "ó dà bí ẹni pé mo rí wàrà" dé "wàrà wà níbẹ̀"? Descartes ní Ọlọ́run kì í tanni, nítorí náà ohun tí òun bá rí kedere, òótọ́ ni. Antoine Arnauld, onímọ̀ ẹ̀sìn ará Faransé, bi í lójú ẹsẹ̀ pé: ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ rí kedere náà lẹ fi mọ̀ pé Ọlọ́run wà? Èmi kò rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìbéèrè yẹn.

Ìmáàmù Gàsálì, onímọ̀ Ìsìláàmù tó kú ní 1111, ti rí ihò yìí ṣáájú wọn. Nǹkan bí oṣù méjì ló fi wà nínú iyèméjì tí àlá dá sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rí kò lè wo òun sàn, nítorí orí ìmọ̀ àkọ́kọ́ lèèyàn ti ń kọ́ ẹ̀rí, ìmọ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló sì bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run jù sí òun láyà ló gba òun.

Àwọn onípìlẹ̀ òde òní kì í béèrè ìpìlẹ̀ tí kò lè sán mọ́. Ilé alámọ̀ bàbá bàbá mi ní Ọ̀fà kò ní sìmẹ́ńtì nídìí, ó sì ti dúró kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí a bá rí i pé omi ń jẹ ìdí rẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó máa gbé inú rẹ̀. Bákan náà, pé mo rí wàrà tó láti jẹ́ kí n gbà pé wàrà wà níbẹ̀, àyàfi bí ohun gidi kan bá wá ta kò ó. N kò ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé n kò sùn. Ibi tí wọ́n ti dá oníyèméjì dúró nìyẹn: pé àlá ṣeé ṣe kì í ṣe ìdí láti fura pé mo ń lá àlá.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí ní ibi tó mọ. Ẹni tí àǹjọ̀nú ń tàn náà ní ìdí tó dáa láti gbàgbọ́ bíi tèmi, kò kàn mọ nǹkan kan ni. Àwọn kan sì fẹ́ sáré lọ síwájú: mo rí wàrà gidi, wàrà gidi kì í sí lójú àlá, nítorí náà n kò sùn. Èmi kò gbà, nítorí ojú tí a ń ṣiyèméjì sí náà ni wọ́n tún fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Kò sí ìyá aláta ní Ọjà Ọba tó máa fi múdù rẹ̀ wọn múdù náà fún ọ, kó ní o ti rí i pé ó pé.