Ẹ gbàgbé oògùn: ṣé kí ẹ lò ó báyìí, àbí kí ẹ fò ó?

Hóró méjì lẹ́ẹ̀kan náà: tó bá jẹ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ó lè jẹ́ ohun tó yẹ gan-an. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè gbé èèyàn ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tó ní họ́mọ́ọ̀nù méjì nínú. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń lò ó. Ó gbàgbé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá rántí láàárọ̀ Ọjọ́rú. Kó lò ó lójú ẹsẹ̀, kó sì lo ti Ọjọ́rú lálẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Èébì lè gbé e díẹ̀, àmọ́ oògùn náà ṣì ń dáàbò bò ó.

Ká ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló fa káàdì yọ, tó wá rí i pé ti Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́rú ṣì wà níbẹ̀ ńkọ́? Kó lo ti Ọjọ́rú pọ̀ mọ́ ti Ọjọ́bọ̀, kó pa ti Ìṣẹ́gun tì. Kó máa lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ 7, torí ó máa ń gba hóró 7 léraléra kí oògùn tó tún lè dá ẹyin dúró dáadáa. Kó wá ka hóró tó ṣẹ́ kù, láìka àwọn aláwọ̀ ọ̀tọ̀ tí kò ní oògùn nínú. Bí wọn ò bá tó 7, kó má sinmi oògùn rárá: bó bá ti lò wọ́n tán, káàdì tuntun ló kàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú káàdì ló léwu jù, torí ìsinmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Bó bá ti ní ìbálòpọ̀ láàárín ìgbà náà, kó tètè béèrè oògùn pàjáwìrì lọ́wọ́ apòògùn.

Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní họ́mọ́ọ̀nù kan ṣoṣo kì í ní irú sùúrù yìí. Òmíràn ò gba ìdádúró ju wákàtí 3 lọ, òmíràn gba 12. Ìwé inú páálí ni yóò sọ tiyín.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò le. Bí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó. Bó bá ti kù díẹ̀ kí àkókò èyí tó kàn pé, ẹ fò ó. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di méjì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wálẹ̀ jù, kí òòyì wá gbé yín bí ẹ bá dìde. Èyí tó máa ń múni tọ̀, bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ rántí, ó di àárọ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ fi òru sáré lọ sílé ìtọ̀.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Ká ní aago mẹ́fà àárọ̀, méjì ọ̀sán àti mẹ́wàá alẹ́ lẹ̀ ń lo amọ́síìlì. Ẹ gbàgbé ti ọ̀sán, ẹ rántí ní aago márùn-ún: ẹ lò ó, ti mẹ́wàá ò yí padà. Bó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án lẹ rántí, ẹ fò ó, kí ẹ lo ẹyọ kan ní mẹ́wàá. Hóró tí ẹ fò yẹn á ṣẹ́ kù lẹ́yìn. Ìparí ni kí ẹ lò ó, ní àkókò tó kàn.