Bí "ẹ" ṣe wọ èdè Faransé, tí "wọ́n" sì wọ ti Jámánì

Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù, ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ inú èdè méjèèjì yìí ti bẹ̀rẹ̀. "Tu" ni ìwọ, "vos" ni ẹ̀yin, iye ènìyàn nìkan ni wọ́n sì ń wò. Bí o bá dá wà, tu ni ọ́, ọba ni ọ́ tàbí ẹrú. Nígbà tí ìjọba Róòmù ń lọ sópin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi vos bá olú-ọba sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní torí pé ọba méjì jọ wà lórí oyè ni. Àwọn mìíràn ní ọba fúnra rẹ̀ ti ń pe ara rẹ̀ ní "àwa". Vos yìí ló di "vous" ti Faransé, tó ń ṣiṣẹ́ bí "ẹ" tiwa: fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti fún ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún.

Jámánì náà lo "ihr" bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọn kì í fẹ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹni ńlá mọ́. Oyè rẹ̀ ni wọ́n ń dá, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwa náà ń sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun", ṣùgbọ́n ẹ̀yìn bàbá ni. Jámánì gbé "wọ́n" yẹn dé iwájú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ó sì di "Sie".

Ohun tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyẹn. "Du kommst" ni o ń bọ̀, "Sie kommen" ni ẹ ń bọ̀, kommen yìí kan náà ni wọ́n sì ń lò fún "wọ́n ń bọ̀". Ní Faransé, "tu viens" àti "vous venez" ni. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ, Faransé á ju ọ̀rọ̀ arọ́pò náà nù: "Viens!" tàbí "Venez!". Jámánì á ju du nù, "Komm!", ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju Sie: "Kommen Sie!".

Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Haben Sie Ihren Pass dabei?", ṣé ìwé ìrìnnà yín wà lọ́wọ́? Haben bá "wọ́n" mu, Sie àti Ihren sì ní lẹ́tà ńlá láàrin gbólóhùn. Ọ̀wọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ s kékeré, ọ̀rọ̀ "àwọn wọ̀nyẹn" ni à ń béèrè. Ọ̀rẹ́ á sọ pé "Hast du deinen Pass dabei?". Ibi tó ti ń dani rú ni ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń gba lẹ́tà ńlá: "Sie kommt" ni obìnrin náà ń bọ̀, torí -t ìparí rẹ̀, "Sie kommen" lè jẹ́ ẹ̀yin, ó lè jẹ́ àwọn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká nìkan ló lè yà á.

Ní Faransé, ìṣòro ibẹ̀ ni pé vous kò sọ bóyá ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀. Ìkọ̀wé a máa sọ ọ́: "vous êtes arrivée" ni obìnrin kan, "vous êtes arrivées" ni obìnrin púpọ̀. Etí kò lè gbọ́ s yẹn.

Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń yàn án bíi tiwa. Ọmọ ń pe bàbá rẹ̀ ní du tàbí tu láìsí àfojúdi, ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tí wọn kò mọ̀ rí, tó ń ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù, Sie tàbí vous ni àgbàlagbà á fi kí i.