Òkìtì Ajílẹ̀ Kì í Ṣe Ààtàn

Mo tún gbọ́ ọ láìpẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè fi pàǹtírí ilé bọ́ ọgbà ẹ̀fọ́: “Ẹ wá ààyè ṣe ààtàn sí ẹ̀yìnkùlé yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ibi tí a ń da nǹkan sí tí a sì ń kọ ẹ̀yìn sí ni ààtàn. Ẹni tí a bá ní kó ṣe ààtàn, ààtàn náà ni yóò ṣe: yóò da omi ẹja lé èèpo iṣu, yóò da ọbẹ̀ tó kan lé e, eṣinṣin yóò sì bo ilé. Pàǹtírí tí a tò jọ kí ó lè di oúnjẹ fún ilẹ̀ ni à ń sọ. Àwọn tó lọ síléèwé Faransé ń pè é ní kọ̀ǹpọ́ọ̀sì. Èyí kò bí mi nínú tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò là ohunkóhun yé ìyá tó ń ta ògì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu ní tirẹ̀ rọ̀ mọ́ “ìdọ̀tí jíjẹrà”, a sì ti fà á títí. Ohun tó bá jẹrà máa ń rùn, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wí yìí kò gbọdọ̀ rùn rárá. Òkìtì ajílẹ̀ ni èmi ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Òkìtì, nítorí pé ọwọ́ ẹni la fi ń tò ó. Ajílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tó ti rẹ̀ ló máa jí.

Ẹ wo iná ààrò. Igi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ráyè gbà láàárín rẹ̀ a máa jó geere, ṣùgbọ́n igi tútù tí a há mọ́ra, èéfín ló máa rú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkìtì yìí. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ló ń jẹ pàǹtírí náà. Wọ́n ń mí, iṣẹ́ wọn sì ń mú ooru wá. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo, àwọn mìíràn tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ a gba ipò wọn, àwọn yẹn ló sì ń mú òórùn jáde. Òórùn ni èéfín òkìtì.

Aládùúgbò mi kan tó ń ṣe ògì ti da èérí ògì tútù jọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Nígbà tó pè mí, ó ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ìdin sì ń yí nínú rẹ̀. A kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, agbọ̀n èérí kan, agbọ̀n ewé máńgòrò gbígbẹ mẹ́ta àti páálí tí a ya wẹ́wẹ́, a pò wọ́n pọ̀, a sì ń tò ó lọ títí ó fi ga tó mítà kan, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í lè di ooru mú. Ní paríparí rẹ̀, a fi ewé gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 bo orí rẹ̀. Ìbòrí yìí ló ń lé eṣinṣin, torí pé ohun tútù tó wà níta gbangba ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Láti ìgbà náà, bó bá ní èérí tuntun, ó máa ń wa àárín òkìtì, á da á síbẹ̀, á pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, á sì bò ó padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, a fi í sílẹ̀ díẹ̀, a fà á yọ. Ó gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. Ooru tó bá tó ìwọ̀n 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì máa ń pa ìdin àti ọ̀pọ̀ irúgbìn èpò. Nígbà tí ọ̀pá bá ti ń jáde ní tútù, ẹ yí òkìtì padà, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sáàárín.

Ti omi ńkọ́? Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Bí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì bá yọ láàárín ìka, ó dára. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un kí ẹ sì yí i. Bí kò bá sí ohun tó yọ, tí ẹ̀kúnwọ́ náà sì tú ká, ẹ wọ́n omi sí i, pàápàá nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, ẹ fi páànù bo orí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Òórùn tó ń ta nímú bí ìtọ̀ tó pẹ́ yàtọ̀ ní tirẹ̀: ohun tútù bíi èérí ló pọ̀ jù, ewé gbígbẹ náà ni oògùn rẹ̀.

Ìfun ẹja, ẹran àti òróró kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn fún ìyẹn lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ dí i.