Kò Rẹ Dráyà Yín: Ẹ Wo Àwọ̀n Ẹ̀yìn Rẹ̀

Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá gbogbo dráyà irun dé orí tábìlì ìtúnṣe: "Ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó bá dákẹ́. A ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, a jẹ́ kó sinmi, ó sì tún jí." Báyìí ni wọ́n á ṣe máa fún un nísinmi títí oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé e sínú fíríìjì kó lè tètè tutù, wọn ò rò ó pé bí wọ́n bá mú un jáde, ara rẹ̀ yóò máa sun omi bí ìgò tútù, omi yẹn yóò sì wà lára wáyà tí wọ́n fẹ́ tan iná sí. Ọjọ́ tí kò bá jí mọ́ pátápátá ni wọ́n ń rántí oníṣẹ́.

Wáyà tó ń gbóná nínú dráyà kò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń kọjá tàbí kò kọjá. Bí wọ́n bá kọ wáàtì 1800 sí i lára, ooru wáàtì 1800 ni yóò máa tú jáde ṣáá. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà wọlé láti ẹ̀yìn ló ń gba ooru yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ gbé jáde. Ẹ jẹ́ ká ní yàrá yín wà ní dígírì 28, afẹ́fẹ́ sì ń fi dígírì 60 gbóná sí i bó ṣe ń la inú dráyà kọjá: dígírì 88 ló máa bá jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá dí ìdajì ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà. Ooru kò dín, ẹni tó ń gbé e ló di ìdajì, nítorí náà ìgbóná yóò di ìlọ́po méjì, dígírì 120 lórí 28, àpapọ̀ 148. Ike tó yí wáyà yẹn ká kò ní lè fara da ìyẹn pẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ jíjó ló ń pa á. Dráyà yín kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ń gba ara rẹ̀ là.

Kí ló dí ọ̀nà? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà nígbà gbogbo: èérún irun, òwú táwẹ́ẹ̀lì àti eruku, tí òróró irun àti ohun tí ẹ ń fín sí irun lẹ̀ pọ̀ mọ́ra títí ó fi di nǹkan bí àkísà fẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn á ní, "Mo ti wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mọ́." Ojú àwọ̀n ike tí ẹ ń wò, tó ní ihò ńláńlá, kọ́ ni mò ń sọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ dráyà ní àwọ̀n irin mìíràn tí ihò rẹ̀ kéré bíi ti asẹ́ tíì. Ibẹ̀ ni àkísà yẹn ń hù sí. Àwọ̀n ìta lè máa dán nígbà tí ti inú ti di ògiri.

Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ̀. Ẹ tan dráyà sí atẹ́gùn tútù, kí ẹ sì mú ègé tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan súnmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀nà bá mọ́, yóò fa tíṣù náà mọ́ra, yóò sì dì í mú. Bí tíṣù bá kàn ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, ẹ ti rí ọ̀ràn náà. Ìró rẹ̀ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: dráyà tí kò rí afẹ́fẹ́ fà máa ń han gooro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ kò sì lágbára. Ẹ má ṣe gbàgbé ọwọ́ ara yín o. Ẹni tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn dráyà mú, tàbí tó gbé e lé itan pẹ̀lú aṣọ, ń ṣe iṣẹ́ eruku fún eruku. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ki ẹnu rẹ̀ mọ́ irun tí afẹ́fẹ́ kò fi rí ibi gbà jáde.

Àmọ́ kí ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi sọ pé gbogbo dráyà tó bá kú, eruku ni. Èyí tó ń kú tó ń jí bí ẹ bá ń yí ọwọ́ tàbí tẹ wáyà rẹ̀ níbi tó ti wọ inú ìdímú, wáyà ló ti já nínú rọ́bà níbẹ̀. Ti eruku kì í wo bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, aago ló ń wò: ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìsinmi, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìsinmi, títí yóò fi di méjì.

Alábòójútó ooru méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ dráyà. Àkọ́kọ́ ni tẹmọsítáàtì: irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Bó bá gbóná, irin kan á fẹ̀ ju èkejì lọ, á tẹ̀, á sì gbé ẹnu wáyà kúrò lára ara wọn. Bó bá tutù, á padà. Òun ni ẹ ń pè ní ìsinmi. Nínú dráyà mìíràn, gbogbo nǹkan ló máa dákẹ́ bó bá ṣí. Nínú òmíràn, ooru nìkan ló ń lọ, fáànù á ṣì máa fẹ́. Alábòójútó kejì ni fíúsì ooru, ohun roboto kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ méjì, tí wọ́n fi ọ̀já tí kì í jó wọ̀. Òun kò mọ ìpadàbọ̀. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán.

Ohun tí ẹni tó ń fún dráyà nísinmi kò mọ̀ rèé. Wáàtì 1800 lórí fólítì 230 jẹ́ nǹkan bí ámípù 8. Ìgbàkigbà tí tẹmọsítáàtì bá ṣí lórí ámípù 8, iná kékeré ń ta láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń jẹ ẹ́. Bó bá ṣí tó tún pa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ẹnu náà lè yọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Láti ọjọ́ náà, kò ní lè ṣí mọ́. Fíúsì ooru nìkan ló kù láàárín dráyà àti iná.

Kí ó má bàa dé ibẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù tán. Ìdérí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ dráyà ń ṣí bí ẹ bá yí i sí apá òsì tàbí tí ẹ fà á. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ tó rọ̀ gbá àwọ̀n náà, kí ẹ fi tíwísà fa irun tó ti wé mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, láti ìta ni kí ẹ ti fà á. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku wọ inú lọ, orí wáyà tó ń gbóná ló máa lọ bà lé, ibẹ̀ ni yóò sì ti jó. Ìdérí tó ti yọ nìkan ni a lè fi omi ọṣẹ fọ̀, kó sì gbẹ tán kó tó padà. Ẹ má sì tan dráyà láìsí ìdérí, fáànù kò mọ irun orí yàtọ̀ sí eruku. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó fún ti ilé. Ti ilé onídìrí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni.

Bó bá ti kú pátápátá ńkọ́? Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo mítà tí a fi ń wò bóyá wáyà ti já, kó dúró níbi fífọ̀, kó gbé ìyókù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo dráyà wáàtì 1800 kan tó ti kú báyìí. Bí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú iná, tí ẹ tan súìṣì sí ooru tó ga jù, tí ẹ fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó yẹ kó ka nǹkan bí óòmù 29. Èyí kò ka nǹkankan. Ẹ tú u. Wáyà láti púlọ́ọ̀gì dé inú dára, súìṣì dára, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tó ń gbóná, fúnra rẹ̀ ka 29. Fíúsì ooru ló ti já. Tẹmọsítáàtì ka òdo, àwọn oníkánjú á sì ní ó dára. Kò tíì dára! Èyí tó ti lẹ̀ pọ̀ náà yóò ka òdo nígbà tó bá tutù. Ẹ fi atẹ́gùn gbígbóná láti ibòmíràn gbóná sí i títí tí yóò fi dún kàó, tí mítà kò sì ní ka nǹkankan mọ́. Bí kò bá dún, òun ló jẹ́ kí fíúsì kú. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì.

Ibí yìí ni inú ń bí mi dé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní oníṣẹ́, tí wọ́n á gé fíúsì ooru kúrò, wọ́n á so wáyà pa pọ̀, wọ́n á tàn án, á fẹ́, wọ́n á gbowó. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Wọ́n bá àwọ̀n tó dí níbẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n bá tẹmọsítáàtì tó ti lẹ̀ pọ̀, wọn ò wò ó. Wọ́n wá yọ alábòójútó kan ṣoṣo tó kù. Bí irun bá wá di ọ̀nà fáànù mú, wáyà náà á pọ́n bí ẹ̀yín iná lẹ́bàá ike, ní ọwọ́ ẹni tó jókòó ti orí ẹlòmíràn. Ẹ bi oníṣẹ́ yín pé kó fi fíúsì tó yọ hàn yín, kí ẹ wo iye dígírì àti ámípù ara rẹ̀, kó sì fi tuntun hàn yín kó tó dé e: dígírì kan náà, ámípù kan náà. Bó bá sọ pé dígírì tó ga díẹ̀ kò burú, ẹ gba dráyà yín.

Ẹ tún wò bó ṣe fẹ́ so ó. A kì í fi léèdì so fíúsì ooru bí a ṣe ń so wáyà rédíò, nítorí ooru àyọ́ọ̀nù léèdì lè já a kó tó dé ẹnu iṣẹ́. Páìpù irin kékeré ni a ń fi pọ́láyà tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀já tí kì í jó gbọ́dọ̀ padà sára rẹ̀, torí iná lè wà lára fíúsì náà gan-an, kí fíúsì sì padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀nà atẹ́gùn. Bó bá ti dé e tán, kó tan dráyà sí ooru tó ga jù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ojú yín, pẹ̀lú àwọ̀n tí wọ́n ti fọ̀. Bó bá tún kú láàárín ìyẹn, kí ó tú u padà kó wo ẹ̀yìn fáànù: irun tó wé mọ́ ọ̀pá mọ́tò kì í hàn láti ìta.