Àwòrán ilé tí ẹ̀rọ yà: ṣé òpó rẹ̀ lè gbé e, ibo sì ni omi òjò máa gbà?

Ìbéèrè: Àkúrẹ́ ni mo ti ń yàwòrán ilé. Mo ní kí ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà ya iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì kan fún mi, ó sì rẹwà gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òpó rẹ̀ lè gbé e, kí n tó fi han onílé?

Ìdáhùn: Ẹ wá ohun kan tí ẹ mọ gíga rẹ̀ nínú àwòrán náà, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣírò ẹrù kankan. Ìrísí àwọn ilé tó ti rí ló ń fara wé, nítorí náà ó lè fa òpó méjì jìnnà síra bó ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òpó méjì ló wà níwájú ilé náà, tí bálíkónì wà lórí wọn. Réèlì bálíkónì sábà máa ń ga tó mítà 1.1. Tí ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú kọ̀ǹpútà, tó sì jẹ́ mìlímítà 22, a jẹ́ pé mìlímítà kan lójú kọ̀ǹpútà dúró fún mìlímítà 50 nílé gidi. Ẹ wá wọn àlàfo àárín òpó méjèèjì. Tó bá jẹ́ mìlímítà 150, mítà 7.5 nìyẹn. Bíìmù tó wà lórí wọn jìn tó mìlímítà 5 láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ìyẹn mìlímítà 250 nílé gidi.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fún ìdíwọ̀n àkọ́kọ́, ẹ pín àlàfo náà sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí bí bíìmù kọnkéré ṣe yẹ kó jìn tó. Mítà 7.5 máa béèrè bíi mìlímítà 625, èyí tí ẹ̀rọ yà ò sì tó ìdajì rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àárín bíìmù á tẹ̀, á sì sán nísàlẹ̀. Ẹ lè fi òpó kẹta sáàárín, kí àlàfo kọ̀ọ̀kan di mítà 3.75, kí bíìmù sì jìn tó bíi mìlímítà 315. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ òpó láàárín, ẹ ya bíìmù náà bó ṣe máa tóbi gan-an, kí onílé rí i látìbẹ̀rẹ̀. Èmi á yan òpó kẹta, nítorí bíìmù ńlá máa ń jẹ rọ́ọ̀dù púpọ̀.

Ẹ má fi ilẹ̀kùn tó wọnú lẹ́yìn òpó ṣe òṣùwọ̀n o. Ohun tó jìnnà máa ń kéré lójú. Bí ilẹ̀kùn mítà 2.1 bá hàn bíi mìlímítà 35, àlàfo kan náà á di mítà 9 lọ́wọ́ yín. Ìlà tí òpó wà ni kí òṣùwọ̀n náà wà. Bí àwòrán bá sì dojú kọ ẹ̀gbẹ́, àlàfo gidi gùn ju bó ṣe hàn lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà láti ara òpó òkè kọ̀ọ̀kan wá sísàlẹ̀. Èyí tí kò bá bọ́ sórí òpó mìíràn, tó jẹ́ orí fèrèsé tàbí àárín bíìmù ló bọ́ sí, ẹ yí i padà.

Ìbéèrè: Párápẹ́ẹ̀tì ló bo òrùlé rẹ̀ yíká. Mi ò rí páìpù kankan. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú. Ẹ bi àwòrán náà pé: omi tó bọ́ sórí páànù yìí, ibo ló ń gbà jáde? Ká ní apá òrùlé kan gùn tó mítà 12, tó sì fẹ̀ tó mítà 6. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 100 láàárín wákàtí kan, omi tó máa bọ́ síbẹ̀ jẹ́ lítà 7,200, ìyẹn lítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń sáré bọ̀ wá sínú gọ́tà tó wà lẹ́yìn párápẹ́ẹ̀tì. Bí ewé bá dí ihò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, omi á gòkè wọ abẹ́ páànù, á sì máa kán sínú sílíìnì.

Nítorí náà, ihò méjì ló yẹ, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú páìpù tó fẹ̀ tó mìlímítà 100. Gọ́tà náà ní láti dagẹ̀rẹ̀: fún mítà kọ̀ọ̀kan, kó lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 10. Láti àárín sí ìkángun jẹ́ mítà 6, nítorí náà àárín á fi mìlímítà 60 ga ju ìkángun lọ. Ẹ wò ó bóyá párápẹ́ẹ̀tì inú àwòrán ga tó láti bo èyí pẹ̀lú gíga páànù. Ẹ tún fi ihò àkúnya kan sára párápẹ́ẹ̀tì, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju etí gọ́tà lọ, kí omi lè tú síta dípò inú ilé.

Ẹ ya àwọn páìpù náà síbi tí wọ́n máa wà gan-an, tàbí kí ẹ ya igun tó máa bò wọ́n. Onílé tí kò rí páìpù nínú àwòrán kì í gbà kí wọ́n fi í síwájú ilé òun nígbà tí iṣẹ́ bá dé òrùlé.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti ṣe gbogbo èyí, ṣé mo ṣì nílò ẹnjiníà?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ò lè ṣeé ṣe ni ìwọ̀n yìí máa ń mú. Kò sọ iye rọ́ọ̀dù, kò sì sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe le tó fún ìpìlẹ̀. Ẹnjiníà ló máa ṣírò ìyẹn.